Pèpéle Igi Alókùn fún Kíkun Ilé Ilẹ̀: Èwo Nínú Mẹ́ta Ni Kí O Dè?

Ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń sọ níbí, èyí tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà mẹ́ta láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé. Àwa akunlé máa ń fojú di irú ilé bẹ́ẹ̀. A ó fi korobá kọ́ ara àkàsọ̀, a ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ etí fèrèsé, a ó sì máa nàgà. Àkàsọ̀ kì í ta èèyàn lólobó kó tó yọ̀. Bí iṣẹ́ bá ju ìlẹ̀mọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ, pèpéle ló yẹ kí o dúró lé, bó bá sì jẹ́ igi àti okùn lo ní lọ́wọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà dè é.

Àkọ́kọ́ ni olópòó kan: ìlà òpó kan ṣoṣo ló wà níta, ògiri fúnra rẹ̀ ló sì gbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìkejì ni olópòó méjì, tí ìlà òpó wà níta, tí òmíràn sì wà nínú, nítòsí ògiri, tí pèpéle fi lè dá dúró láìfara ti ilé. Ìkẹta ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn ìdúró onígi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí a tẹ́ pákó sí láàrin wọn, tí a sì ń gbé kiri bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ máa wà ló ṣáájú. Iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì àti róla rọrùn jù láti ìbàdí dé orí. Tí ògiri bá ga ní mítà mẹ́ta, tí pákó sì wà ní mítà 1.2 sílẹ̀, òkè ògiri á wà ní nǹkan bíi mítà 1.8 sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, ọwọ́ á tó o láìnàgà. Ìsàlẹ̀ ògiri, orí ilẹ̀ ni wà á ti kùn ún. Ìyẹn ni pé àjà pákó kan ṣoṣo ti tó fún ilé ilẹ̀. Àfi ibi orí ògiri onígun mẹ́ta, níbi tí òrùlé ti ṣonṣo: ìyẹn lè ga tó mítà 4.5, pákó ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sún sókè dé nǹkan bíi mítà 2.7. Ọ̀rọ̀ yí padà níbẹ̀ yẹn, a ó padà sí i.

Ẹrù ló tẹ̀ lé e. Korobá ọ̀dà olómi tó gba lítà 20 wọn tó kílò 28, nígbà míì ó tó ọgbọ̀n. Tí o bá fi ara ẹni tó ń kùn ún àti irinṣẹ́ rẹ̀ kún un, àlàfo kọ̀ọ̀kan láàrin òpó méjì gbọ́dọ̀ gbé kílò 110 láìtẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo bí pèpéle yóò ṣe fọwọ́ kan ògiri, nítorí ibi tí igi bá fara tì, ọ̀dà kò lè dé ibẹ̀. Ní ìparí, ka iye ìdè tí o máa dè. Okùn àti àsìkò ló ń jẹni lówó nínú iṣẹ́ yìí. Igi, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá wá a, ó sì wà fún ilé tó ń bọ̀.

Ìdè tó gbé gbogbo rẹ̀

Kí n tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní láti dúró díẹ̀ níbi okùn, nítorí bí ìdè kò bá dára, kò sí èyí tó sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko lọ́, èyí tó nípọn tó ìka ọwọ́ kékeré, ni mo máa ń mú. Ó máa ń di igi mú. Okùn ọ̀rá máa ń yọ̀, kókó rẹ̀ ń tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oòrùn sì ń jẹ ẹ́ títí tí fọ́nrán rẹ̀ á fi máa bó bí ìrun. Okùn náílọ́ọ̀nù lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń nà bí ẹrù bá gùn ún. Wáyà kì í nà, àmọ́ ibi tí o bá ti lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta ló ti máa já, ó sì ń fa ọwọ́ ya. Àléébù okùn ewéko ni òjò: bó bá tutù, á fún, bó bá gbẹ, á dẹ̀. Igi tútù náà ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, èyí tí o dè ní ọjọ́ Ajé lè ti dẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lo okùn ewéko gbọ́dọ̀ máa yẹ ìdè wò láràárọ̀.

Ìdè tí a lò jù ni ti igi méjì tó pàdé bí àgbélébùú: òpó tó dúró, àti igi ìdábùú tó gba ara rẹ̀ kọjá. Kọ́kọ́ bó èèpo igi kúrò níbi tí okùn máa gbà, nítorí èèpo ló máa ń yọ̀ lábẹ́ okùn, tí ìdè sì máa bá a lọ. Bẹ̀rẹ̀ lára òpó, ní abẹ́ igi ìdábùú gan-an: yí okùn ká òpó lẹ́ẹ̀mejì, kí ìyípo kejì gorí ti àkọ́kọ́, kí o sì ki orí okùn gba abẹ́ rẹ̀, kó há. Láti ibẹ̀, gbé okùn gba iwájú igi ìdábùú lọ sókè, gba ẹ̀yìn òpó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní iwájú igi ìdábùú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gba ẹ̀yìn òpó padà. Ìyípo kan nìyẹn. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì máa fà á le ní gbogbo ìyípo, kì í ṣe ní ìparí nìkan. Lẹ́yìn náà ni ìfúnlọ́rùn: gbé okùn gba àárín igi méjèèjì, kí ó ká ìdè fúnra rẹ̀ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, fún un títí tí igi á fi ké. Parí rẹ̀ lára igi ìdábùú pẹ̀lú irú kókó tí o fi bẹ̀rẹ̀. Ìdè tí kò ní ìfúnlọ́rùn lè dà bíi pé ó le lójú, àmọ́ fi ọwọ́ mi igi ìdábùú, wàá rí i pé ó ń ṣeré. Fún igi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìdè kan máa ń jẹ nǹkan bíi mítà márùn-ún okùn.

Igi ìfẹ̀gbẹ́tì, èyí tó gba ìdágẹ̀rẹ́ kọjá láti ìsàlẹ̀ òpó kan dé òkè òpó kejì, ní ìdè tirẹ̀. Igi méjèèjì kì í fẹ́ sún mọ́ ara wọn níbẹ̀, nítorí náà okùn ni o kọ́kọ́ máa fi pa wọ́n pọ̀: yí i ká àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdágẹ̀rẹ́ kan, lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdágẹ̀rẹ́ kejì, kí o tó fún un lọ́rùn. Má ṣe fi ìṣó rọ́pò ìdè. Ìṣó máa ń la igi roboto, bí pèpéle bá sì ti ń mì, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ibi tí ìṣó wúlò ni èyí. Igi ìdábùú kò gùn orí nǹkan kan. Ìfarakan okùn àti igi nìkan ló dá a dúró lára òpó. Kan ègé pákó kékeré mọ́ òpó ní abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, kó dà bí ìjókòó fún un. Okùn ló ń ṣiṣẹ́, ègé pákó ń dúró de ọjọ́ tí okùn bá dẹ̀.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ tún ní ọgbọ́n kan tó kéré jùyẹn lọ. Bí a bá dè tán, á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, á fa ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó ní abẹ́ igi ìdábùú. Mo bi í léèrè, ó ní, "Okùn kì í sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ìlà yìí ló máa bá a sọ ọ́." Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé okùn ọ̀rá fún wa níbi iṣẹ́ kan, mo sì fi dè é, torí òun ló wà nílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gun òkè, mo wo ìlà: igi ìdábùú ti wá sílẹ̀ ní ìka méjì. Gbogbo ìdè ṣì le lójú. Ọjọ́ yẹn, a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Olópòó kan

Èyí ni àwọn birikilà ń lò bí wọ́n bá ń mọ ògiri lọ́wọ́. Ìlà òpó kan wà níta, igi ìdábùú wà lára rẹ̀, àwọn igi ìgbépákó sì ti orí igi ìdábùú lọ ki orí wọn bọ inú ihò tí birikilà fi sílẹ̀ láàrin búlọ́ọ̀kù. Igi kò pọ̀, okùn kò pọ̀, ó sì ń yá. Ògiri ni òpó kejì.

Fún kíkun ilé, mi ò fọwọ́ sí i. Ògiri tí a ti rẹ́ tán kò ní ihò. Bí o bá kàn fi orí igi ti ara ògiri, kò sí ohun tó dá a dúró, ìwúwo rẹ nìkan tó láti mú kí ó yọ̀ wálẹ̀. Bí o bá gbẹ́ ihò, o ti di arẹ́lé mọ́ akunlé. Àwọn kan máa ń ki igi gba ojú fèrèsé, wọ́n á fi igi tó gùn ju fèrèsé lọ dábùú rẹ̀ nínú yàrá, wọ́n á sì dè é. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ibi tí fèrèsé wà nìkan ló ṣe é ṣe, fèrèsé kò sì sí níbi gbogbo tí ọ̀dà máa dé. A ó lo ọgbọ́n yẹn níbòmíràn.

Olópòó méjì

Òun ló wọ́n jù nínú àwọn mẹ́ta, òun náà ló sì fi ọkàn ẹni balẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan tó gùn ní mítà mẹ́sàn-án, tó ga ní mítà mẹ́ta, ká dè é.

Pákó tí mo máa tẹ́ nípọn ní mìlímítà 38. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó gba àlàfo tó ju mítà 1.5 lọ láìsí igi lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà òpó méjì-méjì á máa tẹ̀ lé ara wọn ní mítà 1.5. Àlàfo mẹ́fà nìyẹn, òpó mẹ́rìnlá. Àwọn tinú jìnnà sí ògiri ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30: róla rí àyè kọjá, ènìyàn kò sì ní àyè láti jìn sí. Tita àti tinú fi sẹ̀ǹtímítà 90 jìnnà síra, kí pákó tó wà lórí wọn fẹ̀ tó 60 ó kéré tán. Àwọn òpó tita ga ju pákó lọ ní mítà kan, torí wọ́n máa gbé igi ìdènà. Àwọn tinú kò gbọ́dọ̀ yọrí ju pákó lọ. Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ ní gígùn, wọn ò ní jẹ́ kí róla rìn geere, ilà funfun á sì wà lẹ́yìn òpó kọ̀ọ̀kan tí o kò ní rí títí tí wàá fi tú pèpéle palẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá rọ̀, gbẹ́ ihò tó jìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 fún òpó kọ̀ọ̀kan, kí o sì gún iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ orí kọnkéré, tẹ́ pákó sí ìsàlẹ̀ òpó, kí o sì dè igi ìdábùú mìíràn sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí àwọn òpó má bàa yà kúrò lójú kan. Má fi búlọ́ọ̀kù tì í. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì.

Wàyí o, ka ìdè. Igi ìdábùú ìta àti tinú, mẹ́rìnlá. Igi ìgbépákó méje, orí méjì-méjì, mẹ́rìnlá. Kí ìkọ̀ọ̀kan sún mọ́ òpó rẹ̀ tímọ́tímọ́ kí igi ìdábùú má bàa tẹ̀ láàrin. Igi ìdènà méjì níta, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní orúnkún, mẹ́rìnlá. Igi ìfẹ̀gbẹ́tì méjì lójú ìta àti ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan, ìdè mẹ́jọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta. Ní mítà márùn-ún márùn-ún, o ti ń sún mọ́ 250 mítà okùn, àti ọjọ́ kan gbáko fún èèyàn méjì tí ọwọ́ wọ́n yá. Ibi tó ti wọ́n nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dín igi ìfẹ̀gbẹ́tì kù láti fi okùn pamọ́, èyí sì ni ewu tó ṣe ìkejì sí yíyọ̀ igi ìdábùú nínú àwọn tí mo ti rí: láìsí i, gbogbo òpó lè jọ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìwé tí wọ́n tò lórí pẹpẹ.

Bí o bá ti tẹ́ pákó, jẹ́ kí orí rẹ̀ kọjá igi ìgbépákó ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán, kí ó má sì ju 15 lọ. Bó bá kúrú, á yọ̀ bọ́. Bó bá gùn jù, ẹni tó bá tẹ orí rẹ̀ á gbé ìdí rẹ̀ sókè, òun náà á sì ba ilẹ̀. Dè pákó mọ́lẹ̀.

Orí ògiri onígun mẹ́ta ni pèpéle yìí ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Ní mítà 2.7, o gbọ́dọ̀ fi àjà kan kún un ní àárín, kí o sì so pèpéle mọ́ ilé. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ojú fèrèsé wúlò: igi kan gba fèrèsé kọjá, ọ̀kan dábùú rẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú àkísà lábẹ́ kó má bàa ha ògiri, ẹ̀gbẹ́ ìta sì wà ní dídè mọ́ òpó méjèèjì. Wo òkè pẹ̀lú kí o tó gbé òpó gígùn dìde. Wáyà iná sábà máa ń wọlé láti ibi orí ògiri yẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Tẹ́ igi mẹ́ta sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan ní mítà 2.4. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí orí wọn, fi kókó mú okùn mọ́ igi ẹ̀gbẹ́, kí o wá máa hun ún: lórí ọ̀kan, lábẹ́ èkejì, lórí ẹ̀kẹta, kí o sì padà, títí yóò fi di bíi mẹ́fà. Má fà á le jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ kò ní lè là. Fún un lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì ní àlàfo kọ̀ọ̀kan, kí o parí rẹ̀, kí o sì gbé e dìde. Bí o bá ti la ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bíi mítà 1.5, dè igi mẹ́ta yí ìsàlẹ̀ ká, bí ẹsẹ̀ kò bá ní ohun tó dè é mọ́ra wọn, á máa là síwájú sí i bí ẹrù ṣe ń gùn ún. Lẹ́yìn náà, dè igi ìgbépákó mọ́ ẹsẹ̀ méjì, díẹ̀ sísàlẹ̀ mítà 1.2. Ẹsẹ̀ kẹta á na ara rẹ̀ sẹ́yìn, kúrò lábẹ́ pákó.

Ṣe méjì irú rẹ̀, ìdè méjìdínlógún péré. Gbé wọn jìnnà síra ní mítà méjì, kí o sì tẹ́ pákó méjì tó nípọn ní mìlímítà 50. Èyí tó nípọn ní 38 kò tó fún àlàfo náà. Fún ògiri mítà mẹ́sàn-án, wàá sún un ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ẹsẹ̀ tó là sí ìhà ògiri ń ti pákó jìnnà sí i: etí pákó lè jìnnà tó ìdajì mítà sí ògiri. Àlàfo tó wà láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì ní gíga yẹn kò gbà ju pákó méjì lọ, igi ìdènà kò sì sí. Nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, mi ò sì ń gbé pákó rẹ̀ kọjá mítà 1.2 láé. Ilẹ̀ tó dágẹ̀rẹ́ máa ń dà á láàmú ju olópòó méjì lọ, nítorí ẹsẹ̀ kan tó bá rì máa ń fa gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Má ṣe wà lórí rẹ̀ bí wọ́n bá ń sún un. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ bíi kí o ní, "Ẹ kàn tì í díẹ̀."

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ kun ilé ara rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú tó sì le, tí kò sí ẹlòmíràn tó máa bá a gun orí pákó, kó mú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ìdí láti dè àádọ́ta ìdè nítorí ògiri mẹ́rin tí wàá fi ọjọ́ mẹ́ta kùn.

Ẹni tó fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, tó fẹ́ dí ojú tó là, tó sì máa kun lẹ́ẹ̀mejì, tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta á sì wà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó dè olópòó méjì. Bákan náà ni ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dágẹ̀rẹ́ tàbí tó rọ̀. Ilé tó ní orí ògiri onígun mẹ́ta kò ní àṣàyàn mìíràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o dè é yí ilé ká: dè olópòó méjì síbi orí ògiri méjèèjì nìkan, kí o sì fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kun ìyókù.

Olópòó kan, ẹ fi sílẹ̀ fún birikilà. Bí o bá bá a níbi iṣẹ́ tuntun, tí wọ́n ní kí o gorí rẹ̀ kí o máa kùn nítorí pé ó ti wà nílẹ̀, wo orí àwọn igi tó wọ inú ògiri ná. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dí ihò wọn, tí orí igi sì ti fà jáde díẹ̀, má gun ún.